Níbo Ló Yẹ Kí Àwọ̀ Ti Yí Padà? Máàpù Ìṣùpọ̀ Ènìyàn ní Wọ́ọ̀dù Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìṣirò tó wà nínú máàpù ìṣùpọ̀ ènìyàn kò le. A ó mú iye ènìyàn inú wọ́ọ̀dù, a ó pín in fún bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó ní kìlómítà onígun mẹ́rin. Èsì ìkànìyàn 2006 tí ìjọba gbé jáde dúró sí ìjọba ìbílẹ̀, kò dé wọ́ọ̀dù, nítorí náà ìfojúdíwọ̀n bíi ti GRID3 tàbí WorldPop ni a máa ń lò. Nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, ìlà kan ti tó:

```
"iye" / ($area / 1000000)
```

Mítà onígun mẹ́rin ni ètò náà gbọ́dọ̀ máa fi wọn ilẹ̀ kí ìlà yìí tó tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ hẹ́kítà ló ń lò, èsì àárín Ìjẹ̀bú-Òde yóò máa jáde ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, a ó sì mọ̀ pé ìwọ̀n la ṣì.

Ibi tí ẹjọ́ wà ni ibi tí a ti ń pín àwọn wọ́ọ̀dù sí ìpele, tí ìpele kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí kọ̀ǹpútà bá ti pín in, kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlànà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú QGIS ti ní ohun tó fẹ́ràn kó tó rí wọ́ọ̀dù wa.

Ẹ jẹ́ ká mú wọ́ọ̀dù mẹ́wàá, tí iye wọn jẹ́ ti àlàyé lásán, àmọ́ tí wọ́n tò bí ilẹ̀ wa ṣe tò, oko púpọ̀ àti ìlú díẹ̀: 25, 40, 60, 90, 120, 210, 380, 900, 4,800 àti 9,600 ènìyàn lórí kìlómítà onígun mẹ́rin kan. Ìpele márùn-ún la fẹ́, torí pé bí àwọ̀ bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú kì í tètè mọ ìyàtọ̀ wọn mọ́.

Equal Interval yóò pín àlàfo àárín 25 àti 9,600 sí márùn-ún ọgbọọgba, ìpele kọ̀ọ̀kan yóò fẹ̀ tó 1,915. Wọ́ọ̀dù mẹ́jọ yóò kó sínú ìpele àkọ́kọ́, ìpele méjì yóò ṣófo, wọ́ọ̀dù ìlú méjèèjì nìkan ni yóò dá yàtọ̀. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ jù ni: gàrí àti kókó jọ ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá wo máàpù náà yóò rò pé gbogbo abúlé rí bákan náà, nígbà tí 900 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rìndínlógójì 25.

Equal Count yóò kó wọ́ọ̀dù méjì méjì sí ìpele kọ̀ọ̀kan. Máàpù rẹ̀ máa ń dára wò, ṣùgbọ́n ó fi àwọ̀ kan kun 4,800 àti 9,600, ó sì fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ya 40 kúrò lára 60.

Natural Breaks, ìyẹn ti Jenks, ń wá ọ̀nà tí iye inú ìpele kan náà kò fi ní jìnnà síra. Ó gbọ́n jù wọ́n lọ. Àmọ́ ó ń sọ ìyàtọ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀, nítorí náà iye ńlá ló ń pàṣẹ fún un. Yóò fún 900, 4,800 àti 9,600 ní ìpele tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò so 210 mọ́ 380, yóò sì kó 25 títí dé 120 sí ojú kan. Oko tún ti pàdánù.

Ìṣùpọ̀ ènìyàn máa ń pọ̀ ní ìlọ́po, nítorí náà ààlà tó ń lọ ní ìlọ́po ló bá a mu. Ká ní a mú 50, 200, 800 àti 3,200. Ó dára, ṣùgbọ́n 210 sún mọ́ 200 jù. Bí ìfojúdíwọ̀n bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, yóò di 199.5, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì yí padà láìsí pé ẹnikẹ́ni kó kúrò ní wọ́ọ̀dù náà. Ṣe ni a ó sún àwọn ààlà náà sínú àlàfo tó wà láàárín àwọn iye: 50, 160, 600, 2,000. Ní báyìí, ìpele wa mú wọ́ọ̀dù méjì, mẹ́ta, méjì, ẹyọ kan àti méjì. Ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ṣì wà láàárín ààlà kan sí èkejì, kò sì sí wọ́ọ̀dù tó dúró sétí ààlà. Èyí ni mo kà sí ìpín tó tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ la fi tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí Symbology.

Ó kù síbì kan tí ààlà kò lè tún ṣe. Wọ́ọ̀dù Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú tó bá gba apá kan igbó ọba Ọmọ yóò fi àwọ̀ tí kò ṣú bo ilẹ̀ rẹpẹtẹ, nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kóra jọ sí ìwọ̀nba abúlé. Bí a bá ní àmì ibi tí igbó náà dé, ká yọ ọ́ kúrò nínú ilẹ̀ ká tó pín, ká sì kọ ọ́ sábẹ́ máàpù pé a yọ ọ́.

Bí máàpù Rẹ́mọ àti ti Ìjẹ̀bú bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ààlà kan náà ni kí méjèèjì lò. Bí a bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún ààlà wá fún ìkọ̀ọ̀kan, àwọ̀ tó ṣú jù ní Ṣàgámù lè má túmọ̀ sí iye kan náà pẹ̀lú èyí tó ṣú jù ní Ìjẹ̀bú-Òde.