Yọ “f” kúrò lára “fìlà”: bí eré jẹ́lé-ó-sinmi ṣe ń di ìwé kíkà

Tí wọ́n bá bi ọmọ ọdún 5 pé, “Nínú ‘ejò’ àti ‘labalábá’, ọ̀rọ̀ wo ló gùn jù?”, ọmọ náà lè dáhùn kíá pé ejò ni. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Ejò tó ń fà nílẹ̀ ló ń rò, kò ro ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í dúró fún ejò, ìró ló ń dúró fún. Ọmọ tí kò tíì lè pa ìtumọ̀ tì kó gbọ́ ìró ọ̀rọ̀ kò ní mọ ohun tí lẹ́tà wà fún. Nínú gbogbo eré tí wọ́n ń ṣe ní jẹ́lé-ó-sinmi, eré tó ń la etí ọmọ sí ìró ni ẹ̀rí rẹ̀ lórí ìwé kíkà fìdí múlẹ̀ jù.

Lọ́dún 1988, Ingvar Lundberg, Jørgen Frost àti Ole-Peter Petersen gbé àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe ní erékùṣù Bornholm, ní Dẹ́ńmáàkì, jáde. Àwọn ọmọ 235 tí wọ́n ń sún mọ́ ìgbà àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ fi nǹkan bí oṣù 8 ṣe eré ìró lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ 155 ní agbègbè mìíràn ń bá eré tiwọn lọ bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà yẹn, ó di nǹkan bí ọdún 7 kí wọ́n tó máa kọ́ ọmọ Dẹ́ńmáàkì ní ìwé kíkà, nítorí náà ẹ̀kọ́ kíkà kò lè dà pọ̀ mọ́ eré náà. Nígbà tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn tó ṣe eré ìró ta àwọn yòókù yọ nínú sípẹ́lì, nígbà tó sì máa fi di kíláàsì kejì, ìyàtọ̀ náà ti hàn gbangba nínú kíkà. Wọn kò ta wọ́n yọ nínú ìṣirò, èyí tó fi hàn pé eré náà kò kàn jí ọpọlọ wọn lásán. Ohun tó kọ́ wọn gan-an ni wọ́n mọ̀.

Ètò eré náà ní àtẹ̀gùn. Ọmọ á kọ́kọ́ dijú tẹ́tí sí ariwo lásán: ilẹ̀kùn tó dún, bébà tó ya. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó bára mu létí, lẹ́yìn ìyẹn pípín gbólóhùn sí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ pípàtẹ́wọ́ sí sílébù: la-ba-lá-bá, àtẹ́wọ́ 4. Ìgbà yìí ni “ejò”, tó ní àtẹ́wọ́ 2 péré, á tó pàdánù. Ìró kọ̀ọ̀kan ló gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì wà.

Ẹ jẹ́ ká wo “fìlà”. Olùkọ́ á gbé fìlà sókè, á sì fa ìró àkọ́kọ́ gùn: “ffff-ìlà.” Ìró f, s àti m ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu lè fà wọ́n. B àti t kò ṣeé fà, tí olùkọ́ bá sì ń tiraka, á di “bù”, ọmọ á wá gbọ́ ìró méjì. Olùkọ́ á ní, “Yọ ffff kúrò, kí ló kù?” Ọmọ tó bá ní “ìlà” ti gbọ́ ìró. Èyí tó bá ní “là” ṣì wà lórí sílébù. Èyí tó bá ní “orí” ṣì ń ro ìtumọ̀. Ìdáhùn náà ló ń sọ àtẹ̀gùn tó yẹ kí olùkọ́ padà sí.

Àṣìṣe kan wà tí Yorùbá fúnra rẹ̀ lè fà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa ló fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, fáwẹ̀lì yẹn sì ti jẹ́ sílébù fúnra rẹ̀. Ọmọ tó yọ “e” kúrò lára “ejò” kò tíì fi hàn pé òun gbọ́ ìró tó kéré ju sílébù lọ. Ọ̀rọ̀ bíi fìlà, màlúù àti sálúbàtà ló lè dán an wò. Àṣìṣe kejì ni ègbè: bí gbogbo kíláàsì bá jọ ń dáhùn, ohùn ọmọ mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n á bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí olùkọ́ máa bi wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo eré ló ní irú ẹ̀rí yìí. Nígbà tí Angeline Lillard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwádìí lórí eré àfarawé wò lọ́dún 2013, wọn kò rí ẹ̀rí tó dáni lójú pé òun gan-an ló ń fa ọ̀pọ̀ àǹfààní tí wọ́n ń kà sí i lọ́rùn. Lílà etí ọmọ sí ìró ni kókó.

Etí nìkan kò sì tó. Nínú ìwádìí Lynette Bradley àti Peter Bryant, tó jáde lọ́dún 1983, àwọn ọmọ tí wọ́n fi lẹ́tà oníke kún eré ìró fún ló ṣe dáadáa jù. Nítorí náà, tí ọmọ bá ti lè yọ f lẹ́nu, kí olùkọ́ to lẹ́tà “ìlà” sórí tábìlì, kó sì fi “f” lé e lọ́wọ́ kó fúnra rẹ̀ gbé e síwájú.