Ẹnu ọ̀nà purotéènì kọ́ ló ń jẹ ATP

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àwọn ọmọ ọdún kìíní tí mò ń kọ́ ní bàọ́lọ́jì nílùú Àkúrẹ́, lọ́jọ́ tá a bá parí ọ̀rọ̀ awọ sẹ́ẹ̀lì. Ọmọ kékeré kan ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ìyá rẹ̀ sì po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un. Gúlúkóòsì inú omi yìí gba ẹnu ọ̀nà purotéènì kan wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara ìfun, ó tún gba ẹnu ọ̀nà purotéènì mìíràn jáde lódìkejì, ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Èwo nínú ẹnu ọ̀nà méjèèjì ló ń ná ATP, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó agbára?

Ọ̀pọ̀ á ní méjèèjì ni. Bí mo bá ní kí wọ́n ṣàlàyé, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: “Purotéènì ni wọ́n, sà.” Ìdáhùn tó tọ̀nà ni pé kò sí èyí tó ń ná an nínú wọn. Ó máa ń dùn mí bí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa bá pàdánù máàkì síbí yìí, torí kì í ṣe pé kò kàwé. Àwòrán inú ìwé ló ṣì í lọ́nà. Nínú àwòrán, ohun tó ń ṣe dífúṣọ̀n kàn ń wọ́ gba àárín awọ kọjá ni. Ìkọjá onírànlọ́wọ́, tí purotéènì kàn ń ya ọ̀nà fún ohun tó ń lọ síbi tó kéré, àti ìgbékọjá tó ń ná agbára ní tiwọn, purotéènì gàdàgbà ló dúró sí àárín àwọn méjèèjì. Ojú bá so wọ́n pọ̀, ọkàn sì gbà pé olùrànlọ́wọ́ kò lè ṣiṣẹ́ kó má jẹun.

Ẹ jẹ́ ká lo tánkì omi. Kò sí ilé akẹ́kọ̀ọ́ lágbègbè yunifásítì Fútà tí ẹ ò ti ní rí i: bọ́ọ̀hóòlù nílẹ̀, tánkì lókè, ẹnu ẹ̀rọ nínú ilé ìdáná. Láti gbé omi lọ sókè, ẹ̀rọ tó ń fa omi gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, epo jẹnẹrétọ̀ sì gbọ́dọ̀ jó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ láago méjì òru tí kò síná, omi á ṣì máa dà. Ẹnu ẹ̀rọ kò jó epo kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya ọ̀nà fún omi tó ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Níbi ọ̀rọ̀ awọ sẹ́ẹ̀lì, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe bóyá purotéènì wà níbẹ̀. Ká béèrè pé: ṣé láti ibi tí nǹkan náà ti pọ̀ ló ń lọ síbi tó kéré sí, àbí láti ibi tó kéré sí ibi tó pọ̀?

Dífúṣọ̀n kò le. Ohun kéékèèké tó lè gba àárín ọ̀rá inú awọ kọjá, bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, a máa kúrò níbi tó ti pọ̀ lọ síbi tí kò ti pọ̀, torí pé gbogbo wóróo rẹ̀ ń ta pàrà káàkiri fúnra wọn. Ọsimósíìsì jọ ọ́, àmọ́ omi ló ń rìn níbẹ̀: ó ń kúrò níbi tí ohun tó yòrò sínú rẹ̀ ti kéré lọ síbi tí wọ́n ti pọ̀. Omi náà ní ẹnu ọ̀nà purotéènì tirẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì. Peter Agre ló ṣàfihàn rẹ̀ ní 1992, òun sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2003. Purotéènì ni ẹnu ọ̀nà yìí, síbẹ̀ kò ná ATP kankan. Ìyẹn nìkan ti tó láti fọ́ ìgbàgbọ́ yẹn.

Ìkọjá onírànlọ́wọ́ ló yẹ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Gúlúkóòsì fẹ́ràn omi, ó sì tóbi, kò lè la àárín ọ̀rá kọjá bó ṣe yẹ. Purotéènì tó ń gbé e kọjá máa ń kọjú sí òde, gúlúkóòsì á jókòó sínú rẹ̀, purotéènì á yí ara padà kọjú sínú, gúlúkóòsì á sì bọ́ sílẹ̀. Ìyíradà yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rí tí wọ́n fi ń rò pé agbára wọ̀ ọ́. Kò wọ̀ ọ́. Ooru ara nìkan tó láti mú kó máa yí síwá sẹ́yìn, ó sì lè gbé gúlúkóòsì wọlé tàbí kó gbé e jáde. Ibi tí gúlúkóòsì bá ti pọ̀ ni èyí tó ń jókòó ti máa pọ̀, ibẹ̀ sì ni ìrìn á ti máa wá.

Ohun kejì tó ń tan wọ́n jẹ ni pé ìkọjá onírànlọ́wọ́ ní òpin. Bí ẹ bá ń fi gúlúkóòsì kún gúlúkóòsì lóde, á dé ibì kan tí eré rẹ̀ kò ní lé sí i mọ́. Kì í ṣe pé agbára tán. Ìjókòó ló tán: gbogbo purotéènì tó wà ti ní èrò. A lè fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa yẹ èyí wò. Wọ́n á mú kó bẹ́ nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré, wọ́n á fọ ohun inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì jẹ́ kí awọ náà tún padé. Awọ lásán ló kù, kò sí ATP nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kó o sínú omi gúlúkóòsì, gúlúkóòsì á wọlé títí tinú á fi bá tòde dọ́gba, á sì dúró síbẹ̀. Kò ní kó jọ sínú ju tòde lọ láéláé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Bó bá jẹ́ ṣúgà ilé ni ìyá rẹ̀ fi po omi náà, ènsáìmù ara ìfun á pín wóró ṣúgà kọ̀ọ̀kan sí méjì: gúlúkóòsì kan, fúrúkítóòsì kan. Fúrúkítóòsì á gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní GLUT5. Bí ẹnu ẹ̀rọ ló rí, láti ibi tó pọ̀ sí ibi tó kéré nìkan. Gúlúkóòsì á gba SGLT1, èyí sì lè fà á wọlé bó tilẹ̀ jẹ́ pé gúlúkóòsì inú sẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ ju tinú ìfun lọ. Báwo ló ṣe ń gun òkè tí kò ná ATP?

Ńṣe ló dà bí korobá méjì tí a so mọ́ okùn kan náà tó gba orí kẹ̀kẹ́ kànga kọjá. Bí èyí tó wúwo bá ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó fúyẹ́ á máa gòkè. Korobá tó wúwo ni sódíọ̀mù. Lóde sẹ́ẹ̀lì, sódíọ̀mù tó nǹkan bí 145 mílímóòlù nínú lítà kan. Nínú sẹ́ẹ̀lì, kò ju bíi 10 sí 15 lọ. SGLT1 máa ń jẹ́ kí sódíọ̀mù méjì sọ̀ kalẹ̀ wọlé, kí wọ́n tó lè fa gúlúkóòsì kan dání. Robert Crane ló kọ́kọ́ gbé èrò yìí jáde nílùú Prague ní 1960.

Ta wá ni ó ń gbé korobá tó wúwo náà padà sókè? Ẹ̀rọ purotéènì kan tó wà lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì, lápá ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀, ni. Jens Skou ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1957. Ó ń ti sódíọ̀mù mẹ́ta jáde, ó ń gba pọtásíọ̀mù méjì wọlé, ó sì ń ná ATP kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òun nìkan ni jẹnẹrétọ̀ tó ń jó epo nínú ìtàn gúlúkóòsì yìí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: gúlúkóòsì mẹ́ta mú sódíọ̀mù mẹ́fà wọlé, láti ti mẹ́fà padà síta gba ATP méjì. Ara ń san owó gúlúkóòsì lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà tó gbà wọlé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ka SGLT1 mọ́ ìgbékọjá tó ń ná agbára, oríṣi kejì, tó jẹ́ pé agbára ẹlòmíràn ló ń ná. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìdánwò. Lẹ́yìn náà gúlúkóòsì á gba GLUT2 bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, torí ó ti pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹnu ẹ̀rọ lásán nìyẹn náà.

Omi ń tẹ̀ lé wọn. Ibi tí sódíọ̀mù àti gúlúkóòsì bá lọ ni ọsimósíìsì máa ń gbé omi lọ, òun sì ni ọmọ náà nílò. Májèlé kọ́lẹ́rà máa ń ṣí ẹnu ọ̀nà tí kíláráìdì fi ń dà sínú ìfun, sódíọ̀mù àti omi á sì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kì í ba SGLT1 jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ṣúgà fi gbọ́dọ̀ wà nínú omi ọ̀hún, kì í ṣe torí adùn.

Ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ọsimósíìsì á yí padà. Ẹ̀jẹ̀ wa wà ní nǹkan bí 290 tá a bá fi mílíósímóòlù wọn ohun tó yòrò sínú lítà kan. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí ní 2002 jẹ́ 245, ó ní mílímóòlù 75 sódíọ̀mù àti 75 gúlúkóòsì. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ jẹ́ 311. Ẹ wá mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ṣúgà inú lítà rẹ̀ kan tó 100 gírámù. Móòlù kan ṣúgà jẹ́ 342 gírámù, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 292 mílímóòlù. Bí ènsáìmù bá ti pín in sí méjì, ó di nǹkan bí 585. Ó ju ìlọ́po méjì ti ẹ̀jẹ̀ lọ, sódíọ̀mù kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Omi á kúrò lára ọmọ náà bọ́ sínú ìfun, ìgbẹ́ á tún pọ̀ sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, ẹ pa ẹ̀rọ tó ń ti sódíọ̀mù jáde náà kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń pa á ni uabéènì, májèlé tí wọ́n rí lára àwọn igi kan tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Áfíríkà fi ń kun ọfà. Bí a bá dà á sápá ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀lì ìfun, fúrúkítóòsì á ṣì máa gba GLUT5 wọlé bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Gúlúkóòsì náà kò ní dúró lójú ẹsẹ̀. Á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, á máa falẹ̀ bí sódíọ̀mù ti ń kún inú sẹ́ẹ̀lì, títí tí kò fi ní lè gun òkè mọ́, gẹ́gẹ́ bí omi ilé ìdáná ṣe máa ń fẹ́lẹ́ nígbà tí tánkì bá ń gbẹ lọ.