Fákúùmù Tó Ń Han Gooro Kò Tíì Fẹ́ Kú

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú ni. Fákúùmù tó ń fa ilẹ̀ mọ́ tónítóní tẹ́lẹ̀ ò fà mọ́, ohùn rẹ̀ ti lọ sókè, ó ń han bí ìgbà tí wọ́n ń súfèé. Kíá ni ẹnìkan á ti sọ pé mọ́tò inú rẹ̀ ti rẹ̀, pé ó ń tiraka jù, pé kí wọ́n kúkú wá tuntun. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Pé kí wọ́n yọ àpò ìdọ̀tí dànù kí wọ́n sì gbọn asẹ́ rẹ̀ (èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fílítà), gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohùn yẹn gan-an ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà.

Mọ́tò fákúùmù kì í fa ìdọ̀tí. Fáànù kan ló ń yí, fáànù náà sì ń ju afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ síta. Afẹ́fẹ́ mìíràn á wá ya wọlé látẹnu họ́ọ̀sì láti dí àyè èyí tó jáde, òun ló sì ń gbé eruku wọlé. Ẹrù tí mọ́tò ń rù kò ju afẹ́fẹ́ yìí lọ. Bí họ́ọ̀sì bá dí, tàbí tí eruku bá ti di gbogbo ihò ara asẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ fáànù. Ìwọ̀nba tí fáànù bá rí ló máa jù, nítorí náà ẹrù mọ́tò fúyẹ́. Ẹ wo ẹni tó ń fa omi nínú kànga: bí kòròbà bá kún, ọwọ́ á falẹ̀, bí okùn bá já tí kòròbà sì ṣubú, okùn á fò sókè lọ́wọ́ rẹ̀ wìì. Eré tí mọ́tò ń sá nígbà tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀ lẹ ń gbọ́ yẹn. Ohùn tó lọ sókè túmọ̀ sí pé ó ń yí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mọ́tò tó fẹ́ kú kì í sì í sábà sáré.

Ẹni tí kò bá gbà lè dán an wò. Ẹ tan fákúùmù tó dára, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu họ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré. Ohùn rẹ̀ á lọ sókè lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo iye iná tí nǹkan ń jẹ, ẹ ó rí i pé iye wáàtì á já wálẹ̀. Iná tó ń jẹ dínkù, síbẹ̀ àwọn kan á ṣì máa sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ àṣekú.

Ibi tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre ni ti ooru. Nínú ọ̀pọ̀ fákúùmù ilé, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé yẹn náà ló ń fẹ́ mọ́tò kó má baà gbóná. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́, ó lè máà ṣiṣẹ́ púpọ̀, kó sì gbóná gan-an. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ní suwíìṣì kékeré tó ń pa á fúnra rẹ̀ nígbà tí ooru bá pọ̀. Bí tiyín bá kú lójijì láàárín iṣẹ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ wá ibi tó dí, kí ẹ sì fún un ní bí wákàtí kan kó tutù. Ó sábà máa ń tàn padà. Ẹni tó bá kàn ń tún un tàn láì yọ ohun tó dí i ni yóò jó mọ́tò náà níkẹyìn, á sì sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tó dí? Ẹ bẹ̀rẹ̀ látara ẹ̀rọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látẹnu. Ká mú fákúùmù onígbá kan tí kò fà mọ́. Ẹ yọ họ́ọ̀sì kúrò pátápátá, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sí ihò tó wà lára ẹ̀rọ. Bí kò bá fà níbẹ̀, àpò tàbí asẹ́ lọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá fà á dáadáa, àbùkù wà níwájú. Ẹ dá họ́ọ̀sì padà, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i; lẹ́yìn náà ọ̀pá, lẹ́yìn náà orí tí wọ́n fi ń gbálẹ̀. Èyí tí ẹ fi kún un tí agbára fi lọ sílẹ̀, òun ló dí tàbí ló ń jò. Ká ní họ́ọ̀sì ni. Ẹ gbé e dúró kí ẹ ju owó ẹyọ kan sí i látòkè. Bí kò bá jáde nísàlẹ̀, ẹ fi igi ìgbálẹ̀ tí orí rẹ̀ rí kìrìbìtì tì í láti ìsàlẹ̀. Ibi tó ti tẹ̀ ló sábà máa ń dí, nítorí pé irun àti okùn ló kọ́kọ́ máa ń há síbẹ̀ kí eruku tó wá dì mọ́ wọn. Ẹ má lo wáyà tó mú o, ó máa ń lu họ́ọ̀sì. Ẹ tún wo ọwọ́ ọ̀pá: ọ̀pọ̀ ló ní ìdérí kékeré kan tí wọ́n ń fà láti dín agbára kù. Àwọn kan máa ń gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí.

Asẹ́ tí wọ́n bá fọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ fún odidi ọjọ́ kan ó kéré tán. Asẹ́ tútù á so eruku pọ̀ bí ẹrẹ̀, yóò sì dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ti bẹ́líìtì ni wọ́n tún máa ń dà pọ̀ mọ́ èyí. Bẹ́líìtì kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú fífà. Búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí lábẹ́ ló ń yí, kó lè gbọn ìdọ̀tí inú kápẹ́ẹ̀tì sókè. Bí họ́ọ̀sì bá ń fà dáadáa àmọ́ tí kápẹ́ẹ̀tì ò mọ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ dojú ẹ̀rọ délẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí búrọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá ń yí fàlàlà láì tako ọwọ́, ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti já. Bí kò bá já, àmọ́ tí òórùn rọ́bà tó ń jó ń jáde, ó ń yọ̀ ni: ó lè jẹ́ pé ó ti nà, tàbí kí irun ti wé mọ́ etí búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì débi tí kò lè yí. Ẹ gé irun yẹn kí ẹ tó fi bẹ́líìtì tuntun sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ tuntun náà á jó.

Kò túmọ̀ sí pé mọ́tò kì í bàjẹ́ rárá. Bí ohùn bá ti lọ sílẹ̀ dípò kó lọ sókè, bí iná bá ń tàn yẹ́ríyẹ́rí nínú rẹ̀, tàbí tó ń tàn tó ń kú nígbà tí ibi gbogbo là, ó ṣeé ṣe kí kábọ̀nù tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò ti jẹ tán tàbí kí béárì tó ń jẹ́ kó yí geere ti lọ. Àwọn fákúùmù tuntun kan, pàápàá àwọn oníbátìrì, ní ọpọlọ tó ń ṣàkóso eré mọ́tò, nítorí náà ohùn wọn lè máà yí padà bí wọ́n bá dí. Àwọn kan kàn máa ń fà, wọ́n á dáwọ́ dúró, wọ́n á tún fà. Lára irú wọn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí nìkan. Ẹ ṣáà ti yọ họ́ọ̀sì kí ẹ fi ọwọ́ sí ihò náà kí ẹ tó ná owó kankan.