Bíìmù tó ní ínjì láàárín: ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bíìmù kan ń dà mí láàmú. Sọ́pọ́ọ̀tù mẹ́ta ló ní, ó yọ kọjá ìkejì, ínjì wá wà níbi tó yọ dé. Ríákṣọ̀n mẹ́ta ni mi ò mọ̀, ìkuéṣọ̀n méjì péré ni mo ní. Ṣé ṣíà náà máa di òdo níbi ínjì ni?

Ìdáhùn: Rárá o àbúrò. Ínjì ò lè gbé mómẹ́ǹtì, ibẹ̀ lo ti máa rí ìkuéṣọ̀n kẹta, àmọ́ ó ń gbé ṣíà kọjá dáadáa.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. A wà ní 0, B ní mítà 6, ínjì H ní mítà 9, C ní mítà 13. Ẹrù 5 kN lórí mítà kọ̀ọ̀kan tẹ́ láti A dé B, ẹrù 20 kN wá dá dúró ní mítà 11.

Gé e ní H, kó o kọ́kọ́ mú HC torí òun ni kò lè dá dúró, ó fara ti èkejì ni. Ẹrù ẹ̀ wà láàárín gẹ́lẹ́, C á gbé 10 kN, H náà á gbé 10 kN. Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣì í rèé: H ń ti HC sókè, torí náà HC ń tẹ ṣóńṣó bíìmù AH sísàlẹ̀ pẹ̀lú 10 kN yẹn kan náà, má fi sókè sí méjèèjì. Wá mú mómẹ́ǹtì yí A ká:

```
RB × 6 = 30 × 3 + 10 × 9 = 180
RB = 30 kN, RA = 10 kN
```

Ṣíà bẹ̀rẹ̀ ní +10, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó di òdo ní mítà 2, ó dé -20 kó tó kan B, B gbé e fò sí +10, ó wá lọ gbọọrọ gba H kọjá láìyí padà títí dé mítà 11 tó ti já sí -10, C ló wá dá a padà sí òdo.

Mómẹ́ǹtì ga jù láàárín A àti B ní mítà 2 tí ṣíà ti di òdo, 10 kN·m ni. Ó gba òdo kọjá ní mítà 4, ó di -30 lórí B (apá òkè bíìmù ló ń fà níbẹ̀, òun ló sì tóbi jù nínú gbogbo ẹ̀), lẹ́yìn náà ló gun òkè ní ìlà tààrà, ó di òdo ní H, ó dé 20 ní mítà 11, ó wá padà sí òdo ní C.

Wo ìlà yẹn dáadáa o, kò kán ní H rárá. Bíìmù fúnra ẹ̀ ló máa ń kán níbẹ̀ tó bá tẹ̀, kì í ṣe dáyágíráàmù mómẹ́ǹtì. Tí ẹrù bá jókòó sórí ínjì gan-an nìkan ni ṣíà máa fò níbẹ̀, tí ìlà mómẹ́ǹtì náà á sì yí ọwọ́ padà, àmọ́ òdo náà ni mómẹ́ǹtì máa jẹ́. Tó o bá kà á láti A wá, tí mítà 9 ò fún ẹ ní òdo, lọ wo àmì 10 kN tó o fi sí H.