Owó Oṣù Lọ Sókè, Ọjà Sáré Jù Ú Lọ

Ọ̀nà méjì la lè gbà wo owó oṣù: iye tí wọ́n kọ sórí ìwé, àti ìwọ̀n ọjà tí iye náà lè rà. Iye orí ìwé ni wọ́n máa ń kéde, àmọ́ agbára ìrajà ló ń bọ́ ilé.

Ká fi òṣìṣẹ́ kan tó ń gbé Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún méjì sẹ́yìn, 60,000 náírà ló ń wọ báńkì rẹ̀ lóṣù. Ohun tó ń ná an nígbà náà nìyí: oúnjẹ láti Ọjà Ìpàtà, 27,000, owó ọkọ̀, 10,000, gáàsì, 6,000, owó ilé, 5,000. (60,000 ló ń san fún onílé lọ́dún, àfi ká pín in sí ọ̀nà 12. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lowó ilé ń já lé wọn lórí.) Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48,000, ó sì ń ku 12,000.

Ní báyìí, owó oṣù ti di 84,000. Oúnjẹ di 41,000, ọkọ̀ 16,000, gáàsì 9,000, owó ilé 6,000: àpapọ̀ 72,000. Ẹ̀kúnwó jẹ́ 40 nínú 100, àmọ́ ọjà fi 50 lé. Òṣìṣẹ́ yìí á wo ọwọ́ rẹ̀, á rí i pé 12,000 náà ló ṣì ń kù, á sì gbà pé òun ò pàdánù nǹkan kan. Ẹ̀tàn ńlá nìyẹn.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé ká fi 48,000 pín 72,000. Yóò fún wa ní 1.5. Ká wá fi 1.5 pín owó oṣù tuntun: 84,000 di 56,000. Ìyẹn ni pé ohun tí 56,000 lè rà lọ́dún méjì sẹ́yìn ni 84,000 ń rà lónìí. 4,000 ti lọ nínú agbára rẹ̀. Ẹ tún fi 1.5 pín 12,000 tó ń kù: 8,000 ni. Ibẹ̀ gan-an ni 4,000 náà gbà lọ, nínú owó ajọ àti owó ilé ìwé ọmọ.

Ẹ má kàn yọ 40 kúrò nínú 50 kẹ́ ẹ ní ó pàdánù 10 nínú 100. 4,000 nínú 60,000 kò pé 7 nínú 100.

Ìṣirò yìí máa ń dàrú bí ọjà àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí tí ẹ fi wéra kò bá dọ́gba. Kóńgò kan náà ni kí ẹ fi wọn gàrí, irú ìrẹsì kan náà ni kí ẹ bi iye rẹ̀. Ẹni tó ti fi ìrẹsì sílẹ̀ lọ bá àgbàdo nítorí ọ̀wọ́n á rò pé ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ gbówó lórí.

Iye tí ìjọba ń kéde pé ọjà fi lé ní gbogbo Nàìjíríà náà lè yàtọ̀ sí ti ilé yín, pàápàá bí oúnjẹ àti ọkọ̀ bá ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó oṣù.

Kí òṣìṣẹ́ wa tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, 90,000 ló yẹ kó máa gbà. Ọjọ́ tí ẹ̀kúnwó wọlé nìkan ni iye yẹn bá a mu, torí ọjà kì í dúró de ìpàdé ẹ̀kúnwó. Owó oṣù tó kéré jù di 30,000 ní 2019, kò sì yí padà títí di 2024 tó di 70,000. Bí ọjà bá tún fi 10 nínú 100 lé kí ọdún tó yí po, 84,000 yẹn ò ní tó 51,000 àtijọ́ mọ́, iye orí ìwé ò sì ní yí padà rárá.