Àkáǹtì Tí Owó Ń Wọ̀, Tí Kò Sì Jáde

Bí owó bá ń wọ àkáǹtì yín ṣùgbọ́n tí ẹ kò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ bi báǹkì ni ẹni tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n tì í. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ tàbí àjọ EFCC ni, ìwé tí ẹ kó lọ sí báǹkì kò lè ṣí i. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó pàṣẹ ni ẹ óò lọ, kí ẹ sì mú lọ́yà dání. Èyí tí báǹkì fúnra rẹ̀ tì, nítorí pé owó tí ó wọlé yàtọ̀ sí èyí tí ó ti ń wọlé tẹ́lẹ̀, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní Ọ̀fà ṣe àpẹẹrẹ. Owó tí ó ń wọ àkáǹtì rẹ̀ kì í ju ₦200,000 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní ₦6,500,000: ẹni tí ó rà á san ₦1,500,000, ẹ̀gbọ́n onílẹ̀ tuntun náà fi ₦3,000,000 ránṣẹ́, ìyàwó onílẹ̀ tuntun náà sì fi ₦2,000,000 tó kù ránṣẹ́. Ìwé àdéhùn tí màmá mú lọ kò ní ju orúkọ ẹnì kan lọ, ìyẹn ẹni tí ó ra ilẹ̀. Báǹkì kò ní rí ìdí tí owó àwọn méjì yòókù fi wọlé, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di.

Nítorí náà, kí màmá gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tí ó ra ilẹ̀, tí yóò dárúkọ ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó rẹ̀, iye tí oníkálukú san àti ọjọ́ tí wọ́n san án, kí ẹni tí ó ra ilẹ̀ náà sì buwọ́ lù ú, kí ó fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Kí màmá fi ìwé àdéhùn, rìsíìtì, àti ìwé tí ó fi hàn pé bàbá rẹ̀ ló ni ilẹ̀ náà tì í. Bí ìwé bàbá bá ti sọnù, bí ó ti máa ń rí pẹ̀lú ilẹ̀ ẹbí, kí àwọn olórí ẹbí kọ̀wé, kí màmá sì búra ní kóòtù. Lẹ́yìn náà, kí ó gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì náà, kí ó fi bírò sàmì sí owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó kọ ìwé tí ó ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe kọ ọjọ́ àtijọ́ sórí ìwé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Lẹ́tà tí a kọ lónìí láti ṣàlàyé owó àná kò burú, ṣùgbọ́n ọjọ́ èké lè sọ ìwé tòótọ́ di ẹ̀rí ìtànjẹ.

Bákan náà, ẹ má fi ìbéèrè yọ òṣìṣẹ́ báǹkì lẹ́nu pé ṣé wọ́n ti fi ẹjọ́ yín sun ìjọba. Òfin ọdún 2022 lórí owó àìmọ́ kò gbà wọ́n láyè láti sọ ọ́. Ẹ̀dà ìwé ni kí ẹ kó fún wọn, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ yín, nítorí òun ni ẹ óò fi ṣe ẹ̀rí bí báǹkì kò bá dáhùn, tí ẹ sì fẹ́ kọ̀wé sí báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà.