Bí àmì orí àti àmì abẹ́ ṣe di ohun tí à ń yẹ̀wò kí a tó tẹ̀wé

Orúkọ ìlú kan ló fà á tí mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìdílé kan láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó, wọ́n ní kí orúkọ ìlú náà hàn gàdàgbà lójú ewé àkọ́kọ́. Mo mú fọ́ǹtì aláràbarà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, mo fi kọ ọ́, mo tẹ igba ẹ̀dà. Àkọ́bí wọn, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀.

"Ọ̀gá, kí ló wà lórí f yìí?"

Mo wò ó. Àmì tó yẹ kó jókòó lórí Ẹ ti sún sí ọ̀tún, ó bà lé orí f bí ẹyẹ. "Ẹ má bínú, sà," ni mo lè sọ. Igba ẹ̀dà di ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà.

Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London ní 1843, lẹ́tà àwọn Òyìnbó kò tó ohun tí ẹnu wa ń sọ. E kan péré ló wà, àwa sì ní e àti ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni o àti ọ, s àti ṣ. Dípò kí wọ́n dá lẹ́tà tuntun sílẹ̀, wọ́n fi àmì sí abẹ́ èyí tó wà. Ìpàdé tí ìjọ CMS pè ní Èkó ní 1875 sì fìdí ọ̀nà ìkọ̀wé náà múlẹ̀. Abẹ́ lẹ́tà di ilé àmì kan, orí lẹ́tà sì di ilé àmì ohùn. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà kan ti ń gbé ẹrù méjì.

Láyé lẹ́tà òjé, ẹrù méjì yìí kò lè ṣubú. Ẹ̀là òjé kan ṣoṣo ni ẹ́ jẹ́, àmì orí àti àmì abẹ́ ti wà lára rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Bí atẹ̀wé kò bá ní i, ihò inú àpótí lẹ́tà á ṣófo, á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí àmì ohùn fi ṣọ̀wọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́. Nígbà tí taipuráítà dé, ẹni tí tirẹ̀ kò ní àmì wa á taìpù tán, á wá fi báírò to àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ènìyàn ló ń fi wọ́n síbẹ̀, ojú ènìyàn náà ló sì ń yẹ̀ wọ́n wò.

Kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ di ohun tí ojú lè fò. Àwọn fọ́ǹtì Yorùbá àkọ́kọ́ tí èmi náà lò, ńṣe ni wọ́n lé lẹ́tà mìíràn kúrò ní ipò rẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ wa síbẹ̀. Ó máa ń dára lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Bí mo bá gbé fáìlì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, onílé àtijọ́ á padà wálé, gbogbo ẹ á di nǹkan jágbajàgba.

Yúníkódù, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ló parí ìjà yẹn. Láti 1993 ni ẹ ti ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀, U+1EB9, tí ọ sì ní U+1ECD. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́: àwọn ará Fẹtinámù ló jẹ́ kí ẹ àti ọ pọ̀ nínú fọ́ǹtì. Àwọn náà ń fi tóótó sí abẹ́ lẹ́tà, ohùn sì ni tóótó náà jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ohùn bá ti wà lábẹ́, wọn kì í tún fi ohùn mìíràn sórí. Èyí ló fà á tí ẹ́ àti ọ̀ kò fi ní nọ́ńbà kan ṣoṣo títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ẹ́ á kọ ẹ, á sì fi àmì òkè, U+0301, tẹ̀lé e. U+0300 ni ti àmì ìsàlẹ̀. Fọ́ǹtì ló kù tó máa so wọ́n pọ̀.

Ibí gan-an ni fọ́ǹtì mi ti já mi kulẹ̀. Nínú fọ́ǹtì tó pé, ẹni tó yà á ti fi ìkọ́ tí ojú kò rí sí orí Ẹ, ó fi ọ̀kan sí ìdí àmì, kí àwọn méjèèjì lè kọ́ ara wọn. Tèmi ní Ẹ, ó sì ní àmì, ṣùgbọ́n kò sí ìkọ́ láàárín wọn. Àmì náà bọ́ sí ibi tó bá bọ́ sí. Ọ̀nà mìíràn tún wà tó ń gbà bàjẹ́, èyí tó fara sin jù: bí fọ́ǹtì kò bá ní àmì náà rárá, kọ̀ǹpútà á yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn. Àmì náà lè jókòó, ṣùgbọ́n á tín-ín-rín lórí lẹ́tà tó ki, bí ìgbà tí ènìyàn dé fìlà ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí n tó gba fọ́ǹtì tuntun wọlé báyìí, ìlà kan wà tí mo máa ń kọ pẹ̀lú rẹ̀:

```
Ẹ̀fọ̀n Ọ̀yẹ́ Ìkẹ́rẹ́ ọ̀ṣọ́ ẹ́ ọ̀ m̀ ǹ ị́
```

Mo máa ń kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, tóbi àti kékeré, lásán àti kíki. Lẹ́tà ńlá ni mo kọ́kọ́ ń wò, torí orí Ẹ̀ ni àmì ti ń fara gbá abẹ́ ìlà tó wà lókè, tàbí kí wọ́n gé e lórí. Lẹ́yìn náà ni abẹ́ ọ nínú lẹ́tà kíki, níbi tí tóótó ti máa ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà bí a bá dín in kù. M̀ náà ń dán fọ́ǹtì wò, torí òun náà kò ní nọ́ńbà tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ǹ ti ní láti 1999.

Ị́ tó kẹ́yìn, tiwa ní Èkìtì nìyẹn. Ìró fáwẹ́lì mẹ́sàn-án àìránmúpè ni àwọn onímọ̀ èdè kà nínú ẹ̀ka èdè wa, méjì ju ti Yorùbá àjùmọ̀lò lọ. Àwọn kan ń kọ méjì náà ní ị àti ụ. Bí àmì ohùn bá gun orí ị, tóótó orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Fọ́ǹtì tí kò gbọ́n á to àmì lé tóótó lórí, ó sì burú lójú.

Àṣìṣe kan wà tí ojú kò lè rí rárá. Àwọn kan ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, U+0329, sí abẹ́ e dípò tóótó. Nínú àwọn fọ́ǹtì kan, wọ́n jọra tí o kò fi ní mọ̀, àfi ìgbà tí o bá wá orúkọ nínú fáìlì tí kò jáde. Nínú Word, mo máa ń fi kọ́sọ̀ sí ẹ̀yìn lẹ́tà náà, màá tẹ Alt+X, nọ́ńbà rẹ̀ á hàn. Ctrl+Z á dá a padà.

Fọ́ǹtì aláràbarà ọjọ́ náà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo ń lò ó fún Adó àti Ìjerò, torí kò sí lẹ́tà tó gbé ẹrù méjì nínú wọn. Bí ará Ẹ̀fọ̀n tàbí ará Ọ̀yẹ́ bá wọlé, fọ́ǹtì mìíràn ni mò ń ṣí.